Ọjà mi dà? Bí a ṣe ń kọ ìkéde àtúnṣe ojú-òpó kó lè yé oníṣọ́ọ̀bù

Ọmọ_Ìjùmú béèrè:

Ẹ jọ̀ọ́, mò ń bá ojú-òpó ìtajà kan ṣiṣẹ́ ní Kábà. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ló ń gbé ọjà wọn síbẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, 9 oṣù Kẹfà, ojú-òpó náà máa yí padà. Ohun tí àwọn tó ń kọ kóòdù ní kí n fi ránṣẹ́ sí wọn nìyí:

```
v2.4.0
- Auto-hide products when qty = 0
- Removed manual "Out of stock" switch
- Added "Always available" option
- Bug fixes and performance improvements
```

Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́ tí ẹni tó ń ta gààrí, ẹni tó ń ránṣọ àti ẹni tó ń ta ṣájà fóònù á fi mọ èyí tó kàn án? Àbí kí n kàn túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá?

---

Ṣókí:

Má da ara rẹ láàmú. Ìlà méjì ti tó. “A ti tún ojú-òpó wa ṣe. Ọjà tó bá ti tán á máa fara pamọ́ fúnra rẹ̀.” Sọ ọ́ sórí Wáàsáàpù, ó tán. Ta ló ń ka ìwé gígùn nínú ọjà? Oníbàárà dúró níwájú, owó ń bẹ lọ́wọ́, ìwọ ń fẹ́ kí ó jókòó ka ìkéde.

---

Alátúntò_Ìsánlú:

Ṣókí, òótọ́ ni pé kó kúrú. Ṣùgbọ́n ìlà méjì tó o kọ yẹn kò sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníṣọ́ọ̀bù kò sì ní ṣe nǹkan kan. Wọn ò ní wọlé sórí ojú-òpó títí ọjọ́ Ajé á fi kọjá.

Ọmọ_Ìjùmú, kó o tó kọ ọ̀rọ̀ kan, padà lọ bá àwọn tó ń kọ kóòdù, kó o bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Ẹni tí kò bá fọwọ́ kan ohunkóhun títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, báwo ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣe máa rí?” Má jẹ́ kí wọ́n fi “kò sí ìṣòro” dá ọ lóhùn. Ní kí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù kan gan-an lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán nǹkan wò, kí wọ́n sì fi hàn ọ́.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni ìlà kìíní yẹn, `qty = 0`. Ìyẹn ni iye ọjà tó kù nílẹ̀. Títí di ìsinsìnyí, bọ́tìnnì kan wà tí oníṣọ́ọ̀bù máa ń tẹ̀ tí ọjà bá tán, Out of stock. Ẹni tó ní bọ́tìnnì yẹn lọ́wọ́ kò ní ìdí kankan tó fi máa kọ iye sínú àpótí. Àpótí náà wà lófìfo látọjọ́ tó ti gbé ọjà rẹ̀ síbẹ̀. Ìbéèrè wá ni pé: àpótí tó ṣófo, ṣé òdo ni ẹ̀rọ máa kà á sí, àbí “n kò mọ̀”? Bó bá jẹ́ òdo, gbogbo ọjà tí kò ní iye ló máa wọlẹ̀ lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kan náà.

---

Ọmọ_Ìjùmú:

Mo ti bi wọ́n. Wọ́n kọ́kọ́ ní kò sí ìṣòro. Nígbà tí mo ní kí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù kan fún mi, gbogbo ọjà inú rẹ̀ ti lọ. Òdo ni ẹ̀rọ ń ka òfìfo sí. Wọ́n wo ìyókù, ó lé ní ìdajì àwọn ṣọ́ọ̀bù tí kò kọ iye sí ọjà kankan rí.

---

Alátúntò_Ìsánlú:

Ìyẹn gan-an ni ìlà kìíní ìkéde rẹ. Nínú ohun tí wọ́n kọ fún ọ, kò sí níbì kankan. Ohun tí wọ́n ṣe sí ẹ̀rọ ni wọ́n kọ. Ohun tí oníṣọ́ọ̀bù máa rí yàtọ̀ sí i, ìdí nìyẹn tí títúmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá kò fi lè gbà ọ́ sílẹ̀. Wàá kàn ní àdììtú kan náà ní èdè mìíràn ni.

Ohun kejì: bi wọ́n bóyá wọ́n lè yí àtúnṣe náà fúnra rẹ̀ padà díẹ̀. Kí ẹ̀rọ fi Always available sí gbogbo ọjà tí àpótí rẹ̀ ṣófo, dípò kó gbé wọn pamọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kò ṣe nǹkan kan kò ní pàdánù nǹkan kan. Iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ ni fún wọn. Nígbà mìíràn, kíkọ ìkéde ló máa ń fi hàn pé àtúnṣe kan kò tíì yẹ kó jáde.

---

Kóòdù_Mọ̀pà:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi gbogbo ẹ̀bi lé àwọn tó ń kọ kóòdù lórí. Tí ẹ bá fi Always available sí gbogbo ọjà òfìfo, ọjà tó ti tán láti ọdún tó kọjá á padà wá máa hàn fún oníbàárà. Ẹnì kan á san owó ohun tí kò sí nílẹ̀. Èyí burú ju kí ọjà fara pamọ́ lọ, torí pé owó ti kúrò lọ́wọ́ ẹni. Ọjà tó fara pamọ́, ẹni tó ni ín lè gbé e padà.

---

Alátúntò_Ìsánlú:

Ohun tó o sọ bá ibi tó yẹ. Ọjà tí wọ́n ti tẹ Out of stock fún tẹ́lẹ̀ kò yẹ kó padà hàn. Ìyẹn kò nira láti yà sọ́tọ̀: èyí tí wọ́n ti tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ gba òdo, èyí tó ṣì ń tà tí àpótí rẹ̀ ṣófo gba Always available. Àmọ́ mo gbà pé ẹni tó pa ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tì láìtẹ bọ́tìnnì kankan á ṣì fa wàhálà.

---

Ìyá_Aránṣọ_Ẹ̀gbẹ̀:

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ̀yin lẹ gbé aṣọ mi kúrò? Aṣọ àwọn ọmọdé mẹ́ta tí mo gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mi ò rí wọn mọ́ láti ọjọ́ Ẹtì. Ta ló ní kí ẹ kó wọn? Owó dátà ni mo fi gbé àwòrán yẹn síbẹ̀ o.

---

Ọmọ_Ìjùmú:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Kì í ṣe àwa o. Tiwa kò tíì bẹ̀rẹ̀, ó di ọjọ́ Ajé. Orúkọ wo ló wà lókè ojú-òpó tí ẹ̀yin ń lò?

---

Ìyá_Aránṣọ_Ẹ̀gbẹ̀:

Òmíràn ni. Àwọ̀ ewé ni tiwọn. Ṣùgbọ́n gbogbo yín ọ̀kan náà lẹ jọ ń ṣe.

---

Alátúntò_Ìsánlú:

Màmá, ẹ wọlé sí ṣọ́ọ̀bù yín fúnra yín, kì í ṣe bí oníbàárà ṣe ń wò ó. Tí ẹ bá rí aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbẹ̀, a jẹ́ pé wọ́n fara pamọ́ ni, wọn ò nù. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Tó bá jẹ́ Draft, ẹ kò tíì tẹ̀ ẹ́ jáde ni. Tó bá jẹ́ Hidden, àwọn ló fi pamọ́, ẹ bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀. Tí ẹ kò bá sì rí wọn níbẹ̀ rárá, ìgbà yẹn ni kí ẹ pè wọ́n, kí ẹ sì ka orúkọ ọjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún wọn.

Ọmọ_Ìjùmú, ṣé o rí ọ̀rọ̀ tí Màmá kọ́kọ́ sọ? “Ṣé ẹ̀yin lẹ gbé aṣọ mi kúrò?” Ohun tí àwọn tìrẹ náà máa sọ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé nìyẹn. Torí náà, ìkéde rẹ gbọ́dọ̀ sọ èyí tí kò yí padà pẹ̀lú. Àwòrán wà níbẹ̀, iye owó wà níbẹ̀, owó tó wà nínú àpò wọn lórí ojú-òpó kò dín. Gbólóhùn kan ti tó, ṣùgbọ́n má yọ ọ́ torí pé o fẹ́ kó kúrú. Ó tún jọ pé aránṣọ ni Màmá: aránṣọ kì í ní iye kankan nílẹ̀. Tí wọ́n bá ti paṣẹ ni yóò rán an. Irú wọn gan-an ni bọ́tìnnì Always available wà fún, ìwọ lo sì gbọ́dọ̀ pe orúkọ iṣẹ́ wọn nínú ìkéde. Tó o bá kọ “fún ọjà tí a kì í kà,” aránṣọ kò ní mọ̀ pé òun lò ń bá wí.

---

Ọmọ_Ìjùmú:

Ó dáa. Àwọn tó ń kọ kóòdù kò gbà láti yí òfìfo padà. Wọ́n ní ó di àtúnṣe mìíràn, àti pé ọjọ́ Ajé kò ní yẹ̀. Ẹ wo ohun tí mo kọ:

“Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù wa ọ̀wọ́n, inú wa dùn láti fi tó yín létí pé a ti ṣe àtúnṣe ńlá sí ojú-òpó wa kí ìtajà lè túbọ̀ rọrùn fún yín. Láti ọ̀la lọ, ètò ìṣàkóso iye ọjà yóò máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, a ó sì mú bọ́tìnnì àtijọ́ kúrò. A tún ti yanjú àwọn àbùkù kan. Ẹ ṣeun tí ẹ ń bá wa ṣòwò.”

---

Alátúntò_Ìsánlú:

“Inú wa dùn” kò kàn wọ́n. Inú tiwọn kò ní dùn tí ọjà wọn bá lọ. “Ọ̀la” ni èyí tó burú jù níbẹ̀: ọ̀rọ̀ inú Wáàsáàpù, ẹlòmíràn á kà á lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹlòmíràn á gbà á lọ́wọ́ ará ilé rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀la tiwọn á sì yàtọ̀. Orúkọ ọjọ́, déètì àti aago ni kó o kọ.

Bí èmi ṣe máa kọ ọ́ nìyí:

“Tí ẹ kò bá kọ iye sí ọjà yín kó tó di ọjọ́ Ajé, 9 oṣù Kẹfà, aago mẹ́fà àárọ̀, oníbàárà kò ní rí ọjà náà mọ́.

Ohun tí ẹ máa ṣe: ẹ wọlé, ẹ tẹ My Products. Lábẹ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, ẹ máa rí àpótí tí wọ́n kọ Quantity sí. Ẹ fi iye tó kù nílẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ tẹ Save. Ẹ ṣe é fún ọjà kọ̀ọ̀kan.

Tó bá jẹ́ pé aránṣọ ni yín, tàbí ẹ̀ ń ṣe búrẹ́dì, tàbí ẹ̀ ń kan àga, tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá paṣẹ lẹ máa ń ṣe é, ẹ má kọ iye. Láti ọjọ́ Ajé, ẹ tẹ Always available lábẹ́ ọjà náà, kí ẹ tẹ Save.

A kò pa ọjà kankan rẹ́. Àwòrán yín, iye owó yín àti owó tó wà nínú àpò yín wà bí wọ́n ṣe wà. Ọjà tó fara pamọ́ á padà hàn ní kété tí ẹ bá kọ iye sí i.

Bọ́tìnnì Out of stock kò ní sí mọ́. Tí ọjà bá tán, ẹ kọ 0.

Ohun tí ẹ bá tà lójúkojú nínú ṣọ́ọ̀bù, ojú-òpó kò mọ̀. Ẹ dín iye rẹ̀ kù fúnra yín.

Tó bá le fún yín, ẹ pè wá ní nọ́ḿbà tí ẹ ti mọ̀. Ẹ sọ pé ‘àtúnṣe 9 oṣù Kẹfà’.”

Ó gùn ju ìlà méjì Ṣókí lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ìlà kìíní nìkan ti gbọ́ èyí tó máa dùn ún.

---

Ṣókí:

Ó gùn. Mo ṣì ní ó gùn. Èwo tún ni ti ọjà ojúkojú? Kí ló kan àtúnṣe?

---

Alátúntò_Ìsánlú:

Òun ló máa bí ìjà. Wo ẹni tó ń ta ṣájà. Ó ní mẹ́fà nílẹ̀, ó kọ 6 sórí ojú-òpó. Lọ́sàn-án, èrò ọkọ̀ méjì wọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ku mẹ́rin lórí kàǹtà, ṣùgbọ́n 6 ló ṣì wà lórí ojú-òpó. Lálẹ́, ẹnì kan láti Lọ́kọ́ja sanwó márùn-ún. Ọ̀kan ti dín. Tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wo iye, oníbàárà á kọ́kọ́ pè béèrè. Nísinsìnyí tó jẹ́ pé iye ló ń pinnu ọjà tó ń hàn, oníbàárà á gbà pé ọjà wà, á sì sanwó láìbéèrè. Àtúnṣe yìí ló fi iṣẹ́ tuntun lé oníṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́, ẹ kò sì lè fi pamọ́ fún un.

Bí ọjà bá ń yára tà lójúkojú, ohun tó rọrùn ni kí ó má kọ gbogbo rẹ̀ sórí ojú-òpó. Nínú mẹ́fà, kó kọ mẹ́ta, kó sì gbé mẹ́ta ọ̀hún sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn mìíràn máa sọ pé ìyẹn ń dín ìtajà kù, wọn ò sì parọ́.

Ẹni tó ń ta gààrí nílò gbólóhùn kan sí i. Kí ni “iye” fún un? Bó bá jẹ́ pé owó múdù kan ló kọ sórí ọjà, iye múdù ni yóò kọ sí Quantity, kì í ṣe iye àpò. Ẹni tó ní àpò méjì nílẹ̀ tó sì kọ 2, tí múdù méjì bá ti tà, gààrí rẹ̀ á wọlẹ̀ lọ, àpò méjì á sì wà níwájú rẹ̀ tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

---

Kájú_Bùnú:

Èmi ń wo ti èdè. Yorùbá ìwé ni ẹ kọ yìí. Ó dáa, a gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń tajà ní Kábà kì í ṣe Òkun nìkan. Ẹ̀bìrà wà níbẹ̀, Haúsá wà níbẹ̀, Ígbò wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa fúnra wọn máa ń yára ka Gẹ̀ẹ́sì ju Yorùbá alámì lọ. Àwọn ìyá wa tó ń sọ Owé tàbí Ìyàgbà kì í sọ̀rọ̀ báyìí nílé. Ta lẹ ń kọ ọ́ fún?

---

Alátúntò_Ìsánlú:

Mi ò ní parọ́ pé mo ní ìdáhùn tó pé. Kíkọ ọ́ ní èdè méjì, Yorùbá lókè, Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn nísàlẹ̀, ni mo fara mọ́. Àmọ́ kí a kọ Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún lọ́tọ̀, fún oníṣọ́ọ̀bù, kí a má kàn padà lọ gbé `v2.4.0` wá.

Ohun kan dá mi lójú. Orúkọ bọ́tìnnì gbọ́dọ̀ wà bó ṣe wà lójú fóònù. Bí ojú-òpó bá kọ Save, Save ni kó o kọ. Mo ti rí ìkéde tó ní “ẹ tẹ Fipamọ́,” oníṣọ́ọ̀bù ń wá Fipamọ́ kiri, kò sí, torí pé Save ló wà níbẹ̀. Lẹ́tà ńlá àti kékeré pàápàá, jẹ́ kó rí bákan náà.

---

Kájú_Bùnú:

Tí ẹ bá kọ méjì, gígùn rẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Àwọn Ẹ̀bìrà ò sì tíì rí tiwọn. Ohùn ló yẹ kí ẹ gbà sílẹ̀, ẹnì kan ní Owé, ẹnì kan ní Ẹ̀bìrà.

---

Ọmọ_Ìjùmú:

Ohùn dùn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ wo orúkọ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan sí i á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo lè ṣe méjèèjì. Ìṣòro mi ni pé Wáàsáàpù kò dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Mo ti fi brọ́ọ̀dikáàsì ránṣẹ́ nígbà kan, àwọn púpọ̀ ní àwọn kò rí i.

---

Alátúntò_Ìsánlú:

Brọ́ọ̀dikáàsì Wáàsáàpù kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò fi nọ́ḿbà rẹ pamọ́ sínú fóònù rẹ̀. Ìwọ á rí i pé o ti fi ránṣẹ́, àwọn ò ní rí nǹkan kan. Àkójọ kan kì í sì gba ju ènìyàn 256 lọ. Fún èyí tó lágbára báyìí, fi tẹ́ẹ̀sì lásán kún un.

Ṣùgbọ́n ṣọ́ra fún àmì. Tẹ́ẹ̀sì kan gba lẹ́tà 160 tó bá jẹ́ lẹ́tà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìkan lo lò. Bí ẹyọ kan ṣoṣo tí kò sí nínú wọn bá ti wọ inú rẹ̀, ẹ tàbí ọ tàbí ṣ, gbogbo tẹ́ẹ̀sì náà bọ́ sí lẹ́tà 70. Àmì náírà ₦ náà máa ń ṣe é, nítorí náà N lásán ni kó o kọ síwájú owó. Tó bá ti ju 70 lọ, wọ́n á gé e sí wẹ́wẹ́, 67 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, o sì máa san owó gbogbo wọn. Ohun tó ń da ènìyàn rú ni pé à, è, é, ì, ò àti ù wà nínú àwọn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ̀, ṣùgbọ́n á, í, ó àti ú kò sí. O lè fi ohùn ìsàlẹ̀ sí i kó máa lọ geere, kó o wá fi ohùn òkè kan sí i, kí owó rẹ̀ di ìlọ́po.

Gbìyànjú èyí, láìsí àmì:

```
Lati Ojo Aje 9/6, oja ti apoti iye re je 0 tabi ofifo ko ni han fun onibaara. E te My Products, e fi iye si. Ise owo: e te Always available.
```

Ó jẹ́ nǹkan bí 140, nọ́ḿbà fóònù yín ṣì máa wọlé. Mo kọ “fi iye si” torí pé “ko” ti wà nínú “ko ni han”. Tí o bá tún kọ “e ko iye”, ẹni tó ń kà á láìsí àmì á ṣìnà.

---

Ṣókí:

Ẹ ò rí i! Tẹ́ẹ̀sì yín náà, ìlà méjì ni.

---

Alátúntò_Ìsánlú:

O borí níbẹ̀. Tẹ́ẹ̀sì á gbé e dé ibi tó wà, ìkéde gígùn á dúró lórí ojú-òpó fún ẹni tó bá fẹ́ rí ìyókù.

---

Kóòdù_Mọ̀pà:

Ẹ ti yọ `v2.4.0` pátápátá. Ó dáa fún wọn, ṣùgbọ́n kí lẹ máa ṣe nígbà tí ẹnì kan bá pè lẹ́yìn oṣù méjì pé ohun kan bàjẹ́? Báwo la ṣe máa mọ àtúnṣe tó ń wí? Ẹ sì tún ti yọ ti àbùkù tí a yanjú. Iṣẹ́ ni a ṣe níbẹ̀ o.

---

Alátúntò_Ìsánlú:

Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n sọ “àtúnṣe 9 oṣù Kẹfà” nìyẹn. Déètì ni oníṣọ́ọ̀bù lè rántí. Ẹni tó ń gbé fóònù ní ọ́fíìsì á ní ìwé kan níwájú rẹ̀ tó fi déètì àti nọ́ḿbà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Tí ó bá wù yín, ẹ kọ nọ́ḿbà yẹn sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà kékeré, kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Ní ti àbùkù, èwo lẹ yanjú? Ẹ dárúkọ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn mú kí ẹ̀rọ yára díẹ̀ tí ojú kò lè rí, ẹ má kọ ọ́. Bó bá jẹ́ ohun tí oníṣọ́ọ̀bù ti ń jìyà rẹ̀, ẹ kọ ọ́ kedere.

---

Ọmọ_Ìjùmú:

Ọ̀kan wà. Nínú oṣù tó kọjá, ọ́dà kan náà máa ń wọlé lẹ́ẹ̀mejì tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ lójijì. Àwọn kan ti fi ọjà méjì ránṣẹ́ fún owó ẹyọ kan. Ọ̀gá ní kí n má sọ ọ́.

---

Kóòdù_Mọ̀pà:

Ọ̀gá tọ̀nà. Tí ẹ bá ti sọ ọ́, ẹni tí kò ṣẹlẹ̀ sí rí á ní ó ṣẹlẹ̀ sí òun, á sì béèrè owó. Ẹ yanjú rẹ̀, kí ẹ dákẹ́.

---

Alátúntò_Ìsánlú:

Ẹni tó pàdánù ti mọ̀ pé òun pàdánù. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ẹ ti mọ̀. Ẹ lè wá ọ́dà méjì tó ní oníbàárà kan náà, ọjà kan náà, tí wọ́n wọlé láàárín ìṣẹ́jú kan síra wọn, tí owó sì wọlé lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó ni ín ni kí ẹ kọ sí tààrà, kì í ṣe gbogbo ayé. Nínú ìkéde gbogboogbò, gbólóhùn kan tó: “Ọ́dà kan kò ní wọlé lẹ́ẹ̀mejì mọ́ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń lọ tó ń bọ̀.” Ẹ̀tọ́ ọ̀gá rẹ ni láti kọ̀. Ṣùgbọ́n oníṣọ́ọ̀bù tí kò mọ̀ pé ẹ ti tún un ṣe á ṣì máa pe gbogbo oníbàárà kó tó fi ọjà ránṣẹ́.

---

Kóòdù_Mọ̀pà:

Mi ò gbà, ṣùgbọ́n ó dáa. Nǹkan mìíràn: ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ojú ewé àtijọ́ á ṣì wà nínú fóònù àwọn kan. Wọ́n á ṣì rí Out of stock. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n lọ sínú sẹ́tìńgì búráúsà, kí wọ́n pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́.

---

Alátúntò_Ìsánlú:

Ohun tó o rí máa ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Oògùn rẹ ló le jù. Ẹni tó bá pa ohun inú búráúsà rẹ́ á jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìwọlé tó fi pamọ́ síbẹ̀ náà lè lọ, ẹ ó sì gba ìpè ọ̀rọ̀ ìwọlé tó ju ìpè ọjà lọ. Kí ó kọ́kọ́ fi ìka fa ojú ewé náà wálẹ̀ kó tún ṣí. Bí kò bá yí, kó ti búráúsà, kó tún ṣí i. Lórí kọ̀ǹpútà, Ctrl+F5. Pípa nǹkan rẹ́ ni kó kẹ́yìn, kó sì jẹ́ pé ẹnì kan wà lórí fóònù pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ fún wọn ní àmì tí wọ́n á fi mọ̀ pé tuntun ti dé: “Tí ẹ bá rí Always available lábẹ́ ọjà yín, lórí tuntun lẹ wà. Tí ẹ bá ṣì rí Out of stock, ẹ fa ojú ewé wálẹ̀.” Ìyẹn náà ni ẹni tó ń gbé fóònù á kọ́kọ́ béèrè. Kí ẹ sì dán an wò lórí Opera Mini kó tó di ọjọ́ náà, torí ọ̀pọ̀ wọn ló ń lò ó nítorí dátà, àwọn bọ́tìnnì kan kì í sì ṣiṣẹ́ dáadáa lórí rẹ̀.

---

Ọmọ_Ìjùmú:

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló máa gba tuntun lọ́jọ́ Ajé. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ló kọ́kọ́ máa gbà á, ìyókù á gbà á lọ́jọ́bọ̀. Ṣé kí n tún gbogbo rẹ̀ kọ?

---

Alátúntò_Ìsánlú:

Ìkéde kan náà, déètì méjì. Gba orúkọ àwọn tó máa kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ wọn, kó o fi ọjọ́ Ajé ránṣẹ́ sí àwọn yẹn nìkan. Àwọn ìyókù, Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù Kẹfà. Fi gbólóhùn kan kún ti àwọn àkọ́kọ́ pé ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lè má tíì yí padà. Tí o bá fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí gbogbo wọn, ẹni tí tirẹ̀ kò yí á lo ọjọ́ mẹ́ta gbáko tí á máa wá Always available kiri. Bi wọ́n pẹ̀lú bóyá àpótí Quantity ti wà ní ojú ewé àtijọ́ fún gbogbo wọn. Bí kò bá sí, kò sẹ́ni tó lè kọ iye ṣáájú ọjọ́ náà, ìlà kìíní rẹ á sì di irọ́.

---

Ọmọ_Ìjùmú:

Ó wà níbẹ̀, mo ti wò ó. Always available nìkan ni kò sí títí tuntun á fi dé.

---

Ìyá_Aránṣọ_Ẹ̀gbẹ̀:

Mo wọlé bí ẹ ṣe wí. Hidden ni wọ́n kọ sí i. Kí ni àwa aránṣọ tí kò tíì ní bọ́tìnnì yẹn máa ṣe láàárín òru ọjọ́ Àìkú sí àárọ̀ ọjọ́ Ajé?

---

Alátúntò_Ìsánlú:

Ìbéèrè yẹn gan-an ni mo fojú fò, Màmá. Kí aránṣọ tó wà lórí ojú-òpó Ọmọ_Ìjùmú kọ 50 sí Quantity báyìí kí ó má bàa ṣófo. Tí bọ́tìnnì bá dé, kó tẹ̀ ẹ́. Ọmọ_Ìjùmú, fi ìyẹn rọ́pò “ẹ má kọ iye” nínú gbólóhùn aránṣọ. Kó o tún bi àwọn tó ń kọ kóòdù bóyá 50 yẹn máa hàn fún oníbàárà, torí kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n paṣẹ aṣọ àádọ́ta lẹ́ẹ̀kan náà.